Kànga Wà ní Ìlà Kìíní

Bí Sìkírátù bá fẹ́ ya fídíò ilé, ojú títì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn alágbàtà ilé mìíràn ní Ìdó-Èkìtì a máa bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀, níbi tí táìlì ti ń dán, ṣùgbọ́n òun gbà pé kí ènìyàn tó gbé inú ilé, ó ní láti kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Á dúró lójú títì, á gbé fóònù rẹ̀ ní ìbú, á wá máa rìn wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ru ẹyin. Ẹni tó ń wo fídíò náà á rí kòtò tí àgbàrá gbẹ́, á rí ewúrẹ́ aládùúgbò, á sì rí gẹ́ètì bó ṣe wà gan-an. Tó bá wọlé, á tan gbogbo iná, á ṣí fèrèsé, á yí ẹnu ẹ̀rọ omi kí a lè rí i bóyá ó ń sun tàbí ó kàn ń súfèé. Ó máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kí ìró ẹsẹ̀ má baà bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ wo ibi tí àjà ti dúdú yìí," ohùn rẹ̀ á máa wí, "òjò ló ń jò síbẹ̀. Onílé ní òun á tún un ṣe. Tí kò bá tíì tún un ṣe, ẹ má tíì sanwó."

Àwọn onílé kan ti bínú sí i nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ṣé àwọn ló ń bá ṣiṣẹ́ ni àbí ayálégbé. Èsì kan náà ló máa ń fún wọn: "Ẹni tí òjò bá lé dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ńbà tèmi ló máa tẹ̀. Kò ní tẹ tiyín."

Ọmọ Ùsì ni Sìkírátù, Ìdó ló lọ́kọ sí, ibẹ̀ náà ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Kì í ṣe iṣẹ́ alágbàtà ilé ló kọ́kọ́ ń ṣe. Abẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́ètì ọsibítù ńlá ló ti ń ta káàdì fóònù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí sì ti bá a. Nọ́ọ̀sì tuntun á sọ̀kalẹ̀ nínú takisí pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́, á ra káàdì, á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti lè rí yàrá?" Á fọwọ́ júwe. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí fóònù tí ń ya àwòrán wá dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, tí kò sí ẹni tó ń ra káàdì mọ́, ó ká agboòrùn rẹ̀, ó di Sìkírátù Onífídíò. Àwọn ará Òyè àti Ìkọ̀lé pàápàá mọ ohùn rẹ̀.

Ohun tó ń kọ sábẹ́ fídíò ló tún fi yàtọ̀. Ó mọ̀ pé fóònù kì í fi gbogbo ọ̀rọ̀ han ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń jáde, ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù ní láti tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣí. Nítorí náà, ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fojú fò ló máa ń fi síwájú: irú ilé tí ó jẹ́, ìlú tó wà, àdúgbò tó wà. Lẹ́yìn náà ni yàrá, balùwẹ̀, mítà iná, omi, ọgbà, ibi tí ọkọ̀ ń dé. Nọ́ńbà rẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn.

Báyìí ló ṣe kọ ti ilé Àlàájì Àhmọ́dù nígbà tí ayálégbé tó wà níbẹ̀ kó lọ sí Ìlọrin:

"Búńgálò oníyàrá mẹ́rin fún rẹ́ǹtì, Òkè-Àpáta, ojú ọ̀nà Ùsì, Ìdó-Èkìtì. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kékeré, ilé aláwọ̀ ewé tó ní igi máńgòrò. Ọ̀kadà ń dé ẹnu gẹ́ètì. Takisí ń dúró lójú títì, kì í wọlé tí òjò bá rọ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní balùwẹ̀ tirẹ̀. Mítà iná dá wà fún un. Ààyè ọkọ̀ méjì, odi yí i ká. Kànga tí kì í gbẹ wà níwájú ilé, gbogbo àdúgbò ló ń pọn ún láti ìrun alásárì títí di màgáríbì. Ẹ pe Sìkírátù, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí i lórí Wásáàpù." Nọ́ńbà rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ kànga yẹn ló fa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Òkè-Àpáta kò ní omi. Bí ènìyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, kó tó dé ìbàdí, á ti kan àpáta. Inú kànga tí àwọn mìíràn gbẹ́ tì ni wọ́n ń da ewé máńgòrò sí títí di òní. Kànga Àlàájì Àhmọ́dù nìkan ló bá orísun. Oníkòkó ni Àlàájì nígbà ayé rẹ̀, ó ń ra kòkó láti Ayédé títí dé Ìkọ̀lé. Lọ́jọ́ tí omi yọ, ó pe àdúgbò jọ, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, ó ní, "Sàdáákà ni omi yìí. Ìyá mi ni mo fi ń tọrọ àánú fún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbowó lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tì í." Sìmẹ́ǹtì ẹnu kànga kò tíì gbẹ tí bíríkìlà fi ìka kọ ọ́ síbẹ̀: SÀDÁÁKÀ. Lẹ́tà náà wọ́, ó tóbi, kò sì pa rẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò ti ní òfin tirẹ̀. Ní kùtùkùtù, kí àgbẹ̀ tó lọ sóko, kí ọlọ́jà tó lọ sọ́jà, wọ́n á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo sẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń dúró fún ẹni tó ni ín. Kò sí ẹni tó ń gbé ti ẹlòmíràn kúrò lórí ìlà. Bí wọ́n bá kírun alásárì tán, Ìyá Sèínábù, arúgbó tí ilé rẹ̀ kọjú sí gẹ́ètì, á wá ṣílẹ̀kùn. Á tún padà wá tì í tí wọ́n bá pe ìrun màgáríbì. Àlàájì kú, òfin kò kú.

Abdulrasheed, àkọ́bí Àlàájì lọ́kùnrin, ló ń bójú tó àwọn ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Èkó ló ń gbé, fóònù àti àwọn ohun èlò rẹ̀ ló ń tà. Ọmọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti kúrò nílé, ó sì gbà pé ọgbà tí ènìyàn mìíràn ń wọ̀ kì í ṣe ọgbà. Alẹ́ ọjọ́ tí fídíò jáde ló pè.

"Àǹtí Sìkírá, mo rí fídíò. Ó dáa. Àmọ́ kí lẹ kọ sísàlẹ̀ yẹn?"

"Èwo nínú rẹ̀, Àlàájì kékeré?"

"Ọ̀rọ̀ kànga. Ta ló ní kí ẹ kọ ọ́ pé àdúgbò ló ń pọn ún?"

"Àdúgbò ló ń pọn ún."

"Mo mọ̀. Ṣé gbogbo ohun tí ènìyàn mọ̀ ló ń kọ ni? Ẹ yọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ pé kànga aládàáni ni, pé gẹ́ètì máa ń wà ní títì. Àwọn dókítà ni mo fẹ́. Dókítà wo ló máa sanwó tí àwọn obìnrin á máa wọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá níwájú fèrèsé rẹ̀?"

"Èyí tó bá fẹ́ràn ènìyàn."

Kò rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Sìkírá, mi ò bá yín ṣeré. N ó ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ gẹ́ètì lọ́wọ́ Ìyá Sèínábù. Ẹ rántí pé ọwọ́ yín náà ni ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Òyè wà. Alágbàtà pọ̀ nígboro."

Ibi tó ti dùn ún gan-an ló fọwọ́ kàn. Ilé Òyè ló ń bọ́ Sìkírátù. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó wọlé tí wọ́n ń kó jáde, lọ́dọọdún ni owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ń wọlé láti ibẹ̀. Ó jókòó lórí ẹní, ó ń wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kó yọ kò ju ìlà kan lọ. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé òun ló yọ ọ́. Òkè-Àpáta náà ni ilé ọkọ rẹ̀ wà; ó rántí pé omi kànga yẹn ni wọ́n fi wẹ ọmọ òun lọ́jọ́ ìkómọ, òun náà ni wọ́n fi wẹ òkú ọkọ òun.

Ó ṣí àpèjúwe ilé náà. Ó yọ ọ̀rọ̀ kànga kúrò nísàlẹ̀ lóòótọ́. Ó wá gbé e lọ sókè pátápátá, sí ìlà kìíní, níbi tí kò sí ẹni tó ní láti tẹ nǹkan kan kó tó rí i: "Kànga sàdáákà wà nínú ọgbà ilé yìí, àdúgbò ló ń pọn ún. Ẹni tó bá fẹ́ tì í, kó má wulẹ̀ pè mí." Ó tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà jáde lọ. Ó lọ sùn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Abdulrasheed ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó kó kọ́kọ́rọ́ ilé Ìdó àti ti Òyè fún ọkùnrin kan tí ń bọ̀ láti Adó. Ó ní kó yọ fídíò kúrò.

"Kọ́kọ́rọ́ yín rèé," ni Sìkírátù fi dáhùn. "Fídíò kì í ṣe kọ́kọ́rọ́."

Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ń polówó ilé tí kò sí lọ́wọ́ òun mọ́, nítorí náà ó tún ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ wà kọ: "Ọwọ́ mi kọ́ ni ilé yìí wà mọ́. Ẹ má pè mí nítorí ilé. Ẹ lè pè mí nítorí omi."

Kọ́ládé ni orúkọ ọkùnrin tó ti Adó wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀ ọ́n wọ̀ ni, ó gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá, ó sì ní dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tí ń fò tó ń ya àwòrán láti òkè. Àgádágodo tuntun ló kọ́kọ́ fi ti gẹ́ètì. Sìkírátù bá a níbẹ̀, ó wá fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà àti ti Òyè.

"Màmá, ẹ ṣé gan-an ni," Kọ́ládé wí. "Ẹ má bínú sí mi o. Iṣẹ́ ni."

"N kò bínú sí ọ. Ṣé o máa ya fídíò ni?"

"Lówùúrọ̀ ọ̀la, tí gbogbo ibí bá dákẹ́."

"Láti òkè?"

"Láti òkè, Màmá. Ayé ti kúrò ní kí ènìyàn máa bọ́ bàtà rìn kiri inú ilé." Ó ti wo fídíò rẹ̀, ó fẹ́ kó mọ̀.

"Ó dáa. Ẹni tó bá wà lókè, bó ti wulẹ̀ kó rí, á rí ilẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n kírun alásárì tán, Ìyá Sèínábù sì jáde wá dúró síwájú àgádágodo tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn obìnrin yí i ká. Àwọn kan ní kí àwọn já a. Àwọn kan ní ká ké sí ọba. Arúgbó náà gbọ́ gbogbo wọn tán.

"Ulé Àlàájì ni, a ò níí já a," ló wí. "Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrò. Ibi tó wà ni kó wà. Ìlà ni ìlà."

"Ìyá, kí la ó fi pọn omi nísàlẹ̀ odò?"

"Ẹ ra òmíràn. Ẹ yá òmíràn. Ẹ fi ìkòkò ọbẹ̀ pọn ọ́n. Àwọn tibí yìí, uṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ wọn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ aró, àti kẹ́ẹ̀gì òróró tí wọ́n ti gé orí rẹ̀. Àwọn tí kò tilẹ̀ ní í pọn omi lọ́jọ́ náà gbé tiwọn wá. Ìlà náà gùn láti ẹnu gẹ́ètì, ó yí ká igun odi, ó dé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kọ́ládé dé, ó ju dúróònù rẹ̀ sókè. Àdúgbò dákẹ́ lóòótọ́, kò sí ènìyàn kankan lójú ọ̀nà. Ó rí àwọn ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, ó rò pé ọlọ́jà oníke ló pàtẹ síbẹ̀. Ará Adó ni, inú ilé tí ẹ̀rọ omi wà ló dàgbà sí. Kò mọ̀ pé ènìyàn ni òun ń wò.

Fídíò rẹ̀ rẹwà. Orin wà nínú rẹ̀, kò sí ohùn ènìyàn. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ náà rẹwà: "Ilé ọ̀lá! Búńgálò oníyàrá mẹ́rin ní ẹ̀yìn ọsibítù gan-an, Ìdó-Èkìtì. Àdúgbò ìdákẹ́jẹ́. Ọgbà aládàáni, kànga aládàáni, gẹ́ètì tó ń wà ní títì tọ̀sán-tòru. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Pe Kọ́ládé nísinsìnyí." Ẹ̀yìn ọsibítù tó kọ yẹn, irọ́ ni: kí ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Òkè-Àpáta tó dé ọsibítù, iyán tó jẹ kó tó jáde nílé á ti dà nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ ìlú tó wà nídàálẹ̀ ló kọ́kọ́ pín in fún ara wọn, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí Ìdó láti ojú ọ̀run. Ẹnìkan láti Kánádà ló béèrè lábẹ́ fídíò náà: "Ó dára o. Àmọ́ kí ni ohun aláwọ̀ mèremère tó tò lọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi yẹn?"

Kọ́ládé dáhùn: "Oníke ló pàtẹ síbẹ̀, sà. Á kúrò."

Ẹlòmíràn láti Ìbàdàn wọlé: "Oníke kẹ̀? Bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa tí wọ́n fi aṣọ funfun di ọwọ́ rẹ̀ yẹn, ìyá mi ló ni ín! Èmi ni mo di í nígbà tí mo lọ fún Iléyá!"

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ló tẹ̀ lé e, ó ti là létí."

"Kànga Àlàájì nìyẹn. Kí ló dé tí ẹ kọ ọ́ pé gẹ́ètì ń wà ní títì tọ̀sán-tòru, lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn yìí?"

Sìkírátù ló dáhùn. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé fídíò tirẹ̀ síbẹ̀, tó fi ẹnu kànga hàn láti ìtòsí tí lẹ́tà bíríkìlà sì kún ojú fóònù, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ ka ìlà kìíní."

Láàárín ọjọ́ mélòó kan tó tẹ̀ lé e, Kọ́ládé kó àwọn tó fẹ́ gba ilé wá. Aago yòówù kí wọ́n dé, Ìyá Sèínábù ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí orí ìlà, láàárín bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ó ń fi ẹ̀rín kí wọn.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá ṣí i fún wa?"

"Ṣí kí ni, Màmá?"

"Omi wa. Kò ha kọ ọ́ sínú ìwé ìpolówó rẹ̀ ni?"

Wọ́n á wo Kọ́ládé. Kọ́ládé á wo ilẹ̀. Ọkọ̀ wọn á yí padà síhà ìlú. Dókítà kan sọ ojú abẹ níkòó: "Ọ̀gbẹ́ni, kì í ṣe omi tí wọ́n ń pọn ló ń lé mi lọ. Ohun mìíràn tí ò ń fi pa mọ́ ni mo ń rò."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Abdulrasheed fúnra rẹ̀ dé. Ó kí ìrun Jímọ̀ pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò, wọ́n kí i, wọ́n bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu ba kànga. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn tilẹ̀ burú fún un ju èébú lọ. Nígbà tó dé ẹnu gẹ́ètì, Sìkírátù wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin, Kọ́ládé náà fara ti ọkọ̀ rẹ̀.

"Àǹtí Sìkírá," ló bẹ̀rẹ̀, "ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́ kárí ayé."

"Mo sọ ibì kan pé o jalè?" Sìkírátù béèrè. Gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Ó ti kúrò lórí "ẹ", ó ti bọ́ sórí "o". Obìnrin tó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń fi ìdí wọ́lẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí. Alágbàtà kọ́ mọ́. "Mo kọ ohun tí bàbá rẹ kọ. Bọ́ sí ẹ̀yìn gẹ́ètì yẹn kí o lọ kà á."

"Bàbá mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń retí tiwọn nínú rẹ́ǹtì ilé yìí. Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi ilé sílẹ̀ lófìfo kí àdúgbò lè rí omi pọn?"

"Ta ló ní kí o má fún ènìyàn? Fún un. Sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Ẹni tó bá gbà, ó gbà. Ẹni tí kò bá gbà, Ìdó tóbi, ilé mìíràn wà. Ìwọ ò fẹ́ kó mọ̀ rárá. O fẹ́ kó kó ẹrù wọlé tán kó tó rí Ìyá Sèínábù lẹ́nu ọ̀nà. Òun àti arúgbó yìí ni kí wọ́n máa jà, ìwọ á wà l'Ékòó."

"Ẹ gbọ́, tí mo bá ní—"

"N kò tíì tán. O gba ilé Òyè lọ́wọ́ mi. O ṣe é. N ó jẹ gààrí, gààrí kò pa mí rí. Àmọ́ orúkọ mi ló wà lábẹ́ ohun tí mo bá kọ, nọ́ńbà mi ló tẹ̀ lé e. N kò lè kọ kànga aládàáni sórí sàdáákà. Tó bá wù ọ́ pé kó di aládàáni, gbé òòlù, lọ fọ́ ohun tí bàbá rẹ kọ síbẹ̀. A ó dúró, a ó máa wò ọ́."

Fóònù Abdulrasheed ló dún. Ó wò ó, ó fẹ́ pa á, ó tún gbé e. Ohùn Fàtíà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ìbàdàn, tí òun náà ti rí fídíò, le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà nítòsí fi ń gbọ́ ọ láìtẹ́tí.

"Ráṣíìdì, ṣé o ti dé ibẹ̀?"

"Mo ti dé, Àǹtí mi."

"Ṣé o ti ṣí i?"

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé—"

"Ìṣojú mi ni bàbá wa ti sọ ọ́. Ẹ̀yìn Màmá ni ìwọ wà nígbà náà. Gbogbo wa la ni ilé yẹn, èmi ò fọwọ́ sí i pé kí o tì í. Ṣí ilẹ̀kùn kí o tó bá mi ṣàlàyé."

Abdulrasheed na ọwọ́ sí Kọ́ládé láìwojú rẹ̀. Kọ́ládé fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó ṣí gẹ́ètì náà fúnra rẹ̀, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí ẹni tó hó, kò sí ẹni tó jó. Olúkúlùkù wá bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí ìlà, ó gbọn eruku inú rẹ̀ dànù, ó dúró ní ipò rẹ̀. Ìyá Sèínábù ló ṣáájú. Ó fa omi àkọ́kọ́, ó bu díẹ̀ sínú ife, ó gbé e fún Abdulrasheed.

"Gbà, mu. O ti pẹ́ lójú ọ̀nà."

Ó gbà á, ó mu ún.

Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Sìkírátù, Sìkírátù kò sì béèrè rẹ̀. Ilé Òyè wà lọ́wọ́ Kọ́ládé títí di òní, ó sì ń dun Sìkírátù tí ọdún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá yí po. Ṣùgbọ́n kó tó wọ ọkọ̀ padà s'Ékòó, Abdulrasheed fi kọ́kọ́rọ́ ilé Òkè-Àpáta lé e lọ́wọ́, ti gẹ́ètì sì padà sọ́dọ̀ Ìyá Sèínábù.

"Ẹ bá mi wá ẹni tó máa gbà á," ló wí. "Àmọ́ Àǹtí Sìkírá, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ọ̀rọ̀ kànga padà sísàlẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ rí yàrá ná."

"Rárá."

"Ẹ yọ 'kó má wulẹ̀ pè mí' yẹn kúrò, ó kéré tán. Ó le jù."

"Ó wà níbẹ̀."

Ó mi orí, ó wa ọkọ̀ lọ. Sìkírátù jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi máńgòrò, ó ṣí àpèjúwe ilé náà. Ó yọ ibi tó ti sọ pé ọwọ́ òun kọ́ ni ilé wà, ó dá nọ́ńbà rẹ̀ padà sípò. Ó ka ìlà kìíní lẹ́ẹ̀kan sí i, kò fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan pè, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ kànga, wọ́n dúpẹ́, wọn kò pè mọ́. Ẹnìkan tilẹ̀ pè láti fi í ṣẹ̀sín pé ṣé ilé ló ń fúnni ni àbí odò. Ó ní méjèèjì. Ní ọjọ́ kan tó ń ṣa ẹ̀wà, nọ́ńbà àjèjì kan wọlé. Fẹ́yìsayọ̀ ni orúkọ obìnrin náà, agbẹ̀bí ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ọsibítù Ìdó láti Àkúrẹ́.

"Ẹ káàsán, Mà. Mo rí fídíò búńgálò yẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé mo lè wá wò ó lówùúrọ̀ ọ̀la kí n tó lọ síṣẹ́?"

"Ṣé ẹ ka ìlà kìíní?"

"Mo kà á, Mà."

"Kí ló wí?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ní àdúgbò ló ń pọn omi níbẹ̀. Ó ní tí mo bá fẹ́ tì í, kí n má pè yín."

"Ẹ wá pè."

"Mo pè."

Sìkírátù gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Ẹ ò ní wá lówùúrọ̀. Ibẹ̀ máa ń dákẹ́ lówùúrọ̀, ilé tó bá dákẹ́ kì í sọ òtítọ́. Ẹ wá lẹ́yìn ìrun alásárì, nígbà tí ìlà bá gùn, tí ariwo bá wà, tí wọ́n ń da omi sílẹ̀. Kí ẹ dúró láàárín wọn. Tí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn nígbà náà, ẹ jẹ́ ká jọ wọnú ilé."